Ìtàn kúkúrú: aago ọwọ́ Ládi gbọ̀n lọ́sẹ̀ ìdánwò (ẹ bá mi wò ó)

Akọ̀wé_Ojúlé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Apá kan nínú ìtàn tí mo ń kọ lọ́wọ́ ni mo gbé wá. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu nípa àmì ohùn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ̀ ni pé ṣé ọ̀rọ̀ aago àti ti ọkàn inú rẹ̀ lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́?

*Aago méjì òru ku ogún ìṣẹ́jú. Nínú kíláàsì ńlá tó wà lẹ́yìn ilé-ìkàwé, àwọn mẹ́fà péré ló ṣẹ́kù, méjì nínú wọn sì ti sùn lé ìwé wọn lórí. Ládi ò sùn. Ìdánwò ku wákàtí méje, orí mẹ́rin ló sì wà nínú ìwé náà tí kò tíì ṣí rárá. Agolo ẹ́nájì dírìńkì méjì ti ṣófo sábẹ́ àga rẹ̀. Awẹ́ gbànja kan wà ní kọ̀rọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń rún un díẹ̀díẹ̀.*

*Aago ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Ó rò pé ìyá òun ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó rí àwòrán ọkàn pupa kékeré kan pẹ̀lú nọ́ńbà: 134. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ọkàn rẹ̀ ń sáré bẹ́ẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ kò mira.*

*Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà. Kì-kì-kì-kì. Kò gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní báyìí kò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Ó tún wo aago: 139. Ó rántí bàbá rẹ̀ àgbà tó kú lójijì lórí àga lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sáré dé kílíníkì ilé-ìwé. Dókítà wo aago náà, ó mi orí. “Ọkàn rẹ ní àrùn,” ó ní. “Aago yìí ló gbà ọ́ là.”*

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀jọ́ọ̀

Háà! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí ogun òjijì. Ládi, ọmọ mi, o ò ní kú, wàá yè. Ilé ìwòsàn wo ni wọ́n gbé e lọ? Ṣé ìyá rẹ̀ ti gbọ́? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan lọ bá àwọn olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n jẹ́ kó ṣe ìdánwò náà nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Àwọn kan ò níláàánú.

Akọ̀wé_Ojúlé

Ẹ ṣé gan-an, mà. Ìtàn àròsọ ni o. Ládi ò sí níbì kankan.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀jọ́ọ̀

Mo ti gbàdúrà fún un tán. Kí àdúrà náà máa wá Ládi mìíràn lọ, àwọn tó ń rún obì lóru ìdánwò pọ̀.

Ṣẹ́gun_Kò_Gbà

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, mi ò gba ìparí yẹn. Kò sí àrùn kankan níbẹ̀. Agolo méjì! Ẹ yí ẹ̀yìn agolo náà padà kí ẹ kà á: èyí tó wọ́pọ̀ ní mílígíráàmù kéfíìnì 32 nínú mílílítà 100. Bó bá jẹ́ agolo ńlá, ti mílílítà 500, 160 nìyẹn. Agolo méjì, 320. A ò tíì ka gbànja, gbànja pàápàá ní kéfíìnì nínú. Ọkàn ta ni kò ní sáré? Kó mu omi, kó lọ sùn, ó parí. Nọ́ńbà tí kò bá ti tó 150, kò séwu níbẹ̀ rárá. Èmi náà kàwé títí dé òpin yunifásítì, bí àwa ṣe ṣe é nìyẹn, a ò sì ní aago tó ń dẹ́rù bani nígbà náà.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ẹ kú iṣẹ́, Akọ̀wé. Ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, òru ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, mo mọ irú Ládi yìí dáadáa. Wọ́n máa ń pọ̀ sí i nígbà ìdánwò.

Ohun tó kọ́kọ́ mú mi dúró ni dókítà yín. Kò sí dókítà tó máa wo nọ́ńbà ojú aago kó tó sọ fún ọmọ ènìyàn pé ọkàn rẹ̀ ní àrùn. Nọ́ńbà yẹn ń sọ iye ìgbà tí ọkàn lù ní ìṣẹ́jú kan ni. Kò sọ ibi tí ìlù náà ti bẹ̀rẹ̀ nínú ọkàn, kò sì sọ ìdí rẹ̀. Ohun tó sáré nítorí ibà, ohun tó sáré nítorí ìpayà àti ohun tó sáré nítorí pé iná inú ọkàn gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, gbogbo wọn lè gbé 134 jáde lójú aago.

Ẹ̀ẹ̀kejì, Ládi sáré wá. Ẹni tó sáré láti ẹ̀yìn ilé-ìkàwé dé kílíníkì, ọkàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ sáré. Bó bá wọlé sọ́dọ̀ mi, mi ò ní fọwọ́ kan aago rẹ̀ rárá. Màá ní kó jókòó, kó fẹ̀yìn ti àga, kó má sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán. Lẹ́yìn náà màá fi ìka méjì lé ibi tí iṣan ti ń lù nísàlẹ̀ àtàǹpàkò rẹ̀, màá kà á fún odindi ìṣẹ́jú kan. Bí mo ṣe ń kà á ni mo ń gbọ́ bóyá ó ń lù déédéé tàbí ó ń fò. Màá wọn ìgbóná ara rẹ̀, nítorí ibà máa ń fara pamọ́ sábẹ́ àárẹ̀ ìwé kíkà. Màá wọn ìfúnpá, màá sì fa awọ ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ wálẹ̀ wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó.

Ṣẹ́gun, o sọ òótọ́ níbì kan. Nínú àwọn ọ̀dọ́ tí mo ti rí, irú ohun tó o sọ ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kéfíìnì nìkan kì í sáábà gbé ẹni tó ti mọ́ lára dé 134 lórí ìjókòó. Ó máa ń ní ìrànlọ́wọ́: àìsùn, àìjẹun, omi tí kò mu láti ọ̀sán, ẹ̀rù ìdánwò. Màá tún bi í bóyá ó lo oògùn katá, torí àwọn kan nínú wọn ní èròjà tó ń la imú tó sì ń mú ọkàn sáré. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kì í ka ìyẹn sí oògùn.

Ọ̀rọ̀ “tí kò bá ti tó 150 kò séwu” yẹn ni kí o fà sẹ́yìn. Ẹni tí ìlù ọkàn rẹ̀ jẹ́ 130 tí òòyì ń kọ́, tí àyà ń dùn, tàbí tó dákú, kò gbọ́dọ̀ lọ sùn. Ohun tó ń ṣe onítọ̀hún là ń wò, a kì í wo nọ́ńbà nìkan.

Àǹtí_Péḱámù

Mo kí gbogbo ilé láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọjọ́ kan tí mò ń gún iyán fún àwọn àlejò, aago yìí ní ọkàn mi ń lu 171! Mo sọ ọmọ odó sílẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo pe ọmọ mi. Kó tó dé, ó ti di 96. Wọ́n yẹ̀ mí wò, wọn ò rí nǹkan kan. Mo wá ń rò ó pé kí Ládi ṣọ́ra fún iṣẹ́ agbára lọ́sẹ̀ ìdánwò.

Físíìsì_Ni_Mò_Ń_Kọ́

Àǹtí, ẹ kú ìdúró. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọmọ odó ni aago yín ń kà.

Iná aláwọ̀ ewé tó ń tàn lẹ́yìn aago ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ máa ń gbé iná aláwọ̀ ewé mì. Bí ọkàn bá lù, ẹ̀jẹ̀ inú iṣan ọrùn ọwọ́ á pọ̀ sí i, iná tó padà sínú aago á dín kù, bó bá tún sinmi, iná á pọ̀ padà. Àlọ àti àbọ̀ iná yẹn ni aago ń kà. Bí okùn aago bá dẹ̀, tí ọwọ́ sì ń lọ sókè sódò ní ìwọ̀n kan náà, aago lè di ìrìn ọwọ́ mú kó sì pè é ní ìlù ọkàn. Àwọn tó ń sáré ìdárayá mọ̀ ọ́n, ìgbésẹ̀ wọn ni aago máa ń kà nígbà mìíràn.

Ìdí nìyí tí ìkìlọ̀ Ládi fi ṣeé gbọ́ ju ti Àǹtí lọ. Ó jókòó. Ti aago Apple, bí àpẹẹrẹ, kì í kìlọ̀ ìlù tó ga àfi bí ìlù náà bá ti kọjá ààlà tí ènìyàn yàn nígbà tó dà bíi pé ara kò mira fún ìṣẹ́jú 10. 120 ni wọ́n fi ṣe ààlà náà láti ilé-iṣẹ́, ènìyàn lè yí i padà. Nítorí náà, Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, bí aago bá gbọ̀n ní aago méjì ku ogún, ọkàn Ládi ti ń sáré ó kéré tán láti aago méjì ku ọgbọ̀n. Ó ń ka ìwé, kò mọ̀. Mo fẹ́ràn ibi tẹ́ ẹ ti ní kò gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀.

Àǹtí_Péḱámù

Ọmọ odó! Ẹ ṣé o. Mo ti ń sọ fún gbogbo ìjọ pé ọkàn mi ti fẹ́ dúró.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Àǹtí, ẹ má tíì sọ fún ìjọ pé ọmọ odó ni. Iyán gígún fúnra rẹ̀ lè gbé ọkàn dé 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe jókòó, tí òòyì kò kọ́ yín, tí wọ́n sì ti yẹ̀ yín wò, ẹ fọkàn balẹ̀.

Akọ̀wé_Ojúlé

Ẹ ṣeun púpọ̀. Dókítà yẹn ti lọ, mo ti pa á rẹ́. Ìṣòro mi ni pé bó bá jẹ́ kéfíìnì nìkan, ìtàn náà ti kú. Ta ló fẹ́ ka ìtàn ọmọkùnrin tó mu omi tó lọ sùn? Mo fẹ́ kí nǹkan kan wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó jẹ́ èyí tí nọ́ọ̀sì á rò pé ó ṣeé ṣe. Kí ló lè wà níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Òru

Mo mọ èyí tí màá fi síbẹ̀, ṣùgbọ́n 134 kọ́ ni nọ́ńbà rẹ̀.

Àìsàn kan wà tó wọ́pọ̀ lára àwọn ọ̀dọ́ tí ọkàn wọn le koko. Iná tó ń mú kí ọkàn lù máa ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo kọjá láti òkè ọkàn wá sísàlẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú ọ̀nà ẹ̀bùrú kan. Lọ́jọ́ kan, iná á gba ọ̀nà àkọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, á gba ẹ̀bùrú padà sókè, á sì máa yí po bẹ́ẹ̀. Ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í lu 160, 180, 200 nígbà mìíràn. Àwọn dókítà ń pè é ní ẹsì-fíì-tì.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ti kéfíìnì ni pé ó ń bẹ̀rẹ̀ lójijì, ó sì ń parí lójijì. Ẹni tí kéfíìnì àti ìpayà ń bá jà, bẹ́ ẹ bá wo àwòrán ìlù ọkàn rẹ̀ lórí fóònù, òkè ni ẹ máa rí. Aago mẹ́wàá alẹ́ ó wà ní 88, aago mọ́kànlá 97, aago méjìlá 112, títí tó fi dé 134. Bó bá sinmi, á tún máa rọ̀ wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ti ẹsì-fíì-tì, ó wà ní 82, ó sì di 187 láàárín ìlù kan sí èkejì. Á dúró síbẹ̀, kò ní lọ sí 180 kó tún bọ̀ sí 195, á dúró gbọn-in. Lẹ́yìn náà, á já. Àwọn aláìsàn máa ń sọ pé “bí ìgbà tí wọ́n pa súwíìṣì ni.” Nítorí náà ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ni: “Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?” Ẹni tó bá ní “mi ò mọ̀, mo kàn rí i pé ó ń sáré” àti ẹni tó bá ní “mo tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n so okùn bàtà, ó kàn fò,” àwọn méjèèjì kò jọ ara wọn.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ yí 134 padà sí 187.

Ṣẹ́gun_Kò_Gbà

Ẹ má yí i padà. 134 ni gbogbo wa mọ̀. 187, ẹni tó ń kà á á ti mọ̀ pé aláìsàn ni láti ìlà kìíní.

Akọ̀wé_Ojúlé

Ṣẹ́gun, fún ìgbà àkọ́kọ́, mo gbà fún ẹ. Nọ́ọ̀sì, ṣé méjèèjì kò lè wà lára ènìyàn kan? Kí 134 ti òru yẹn jẹ́ kéfíìnì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí nọ́ọ̀sì yí àwòrán orí fóònù padà sẹ́yìn, kó rí 187 lọ́jọ́ mìíràn tí Ládi ò kọbi ara sí?

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ó lè wà. Mo ti rí èyí tó jọ ọ́. Ẹni tó ní ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn ṣì lè mu ẹ́nájì dírìńkì bí ẹlòmíràn, àìsùn gan-an sì lè ta á jí.

Físíìsì_Ni_Mò_Ń_Kọ́

Ẹ dúró o, ibẹ̀ le díẹ̀. Bí 187 bá ti ṣẹlẹ̀, kí ló dé tí aago ò kìlọ̀ lọ́jọ́ náà?

Ẹ lè yanjú ẹ̀ báyìí. Ìṣẹ́jú 10 ni aago ń dúró kó tó kìlọ̀. Bí ìsáré náà bá pé ìṣẹ́jú mẹ́fà tó sì já, ìkìlọ̀ ò ní wá. Lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí ènìyàn bá jókòó, ọ̀pọ̀ aago kì í ka ọkàn láìdúró kí báńtìrì má bàa tán. Wọ́n á kà, wọ́n á sinmi, wọ́n á tún kà. Nítorí náà kò ní jẹ́ ìlà gbọọrọ lórí fóònù, àmì tótòtó bíi méjì tàbí mẹ́ta ni. Ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tí Nọ́ọ̀sì ń sọ gan-an lè bọ́ sáàárín àmì méjì, kí ẹnikẹ́ni má rí i.

Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé aago pariwo lórí èyí tí kò séwu púpọ̀, ó sì dákẹ́ lórí èyí tó yẹ ká wò. Bí èmi bá ni mo ń kọ ìtàn yìí, ibẹ̀ ni màá fi gbogbo ìtàn náà lé.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Físíìsì, o ṣeun. Ibi tí mo ti máa ń bá àwọn ẹbí aláìsàn jiyàn gan-an nìyẹn. Wọ́n á ní “aago ò ké, ara rẹ̀ dá.”

Ohun tó kù ni ohun tí nọ́ọ̀sì inú ìtàn á ṣe. Kílíníkì ilé-ìwé lóru lè máà ní ísíjì, ẹ̀rọ tó ń ya iná ọkàn bí ìlà sórí ìwé. Bó bá tilẹ̀ ní, wọ́n á ya ọkàn Ládi nígbà tó wà ní 118 tó ń wálẹ̀, ìlà rẹ̀ á sì jáde bí ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ìyẹn ò pa 187 rẹ́. Ísíjì dà bí fọ́tò ẹnu ọ̀nà: bí olè ò bá sí níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ yà á, ẹ ò ní rí i. Ṣùgbọ́n ó ṣì yẹ kí wọ́n yà á, torí lára àwọn kan, ọ̀nà ẹ̀bùrú náà máa ń fi ipasẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ọkàn ń lù jẹ́jẹ́. Ìlà tó yẹ kó dìde ṣánṣán á kọ́kọ́ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kó tó fò sókè. Ẹni tí wọ́n bá rí ìyẹn lára rẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ọkàn ni wọ́n máa fi í ránṣẹ́ sí.

Ọ̀rọ̀ bàbá àgbà: ẹni tó kú ní ọgọ́rin ọdún lórí àga kò ní dẹ́rù ba nọ́ọ̀sì. Ẹni tó máa bèèrè ni ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí tó ṣubú tó kú ní ọdún 25, 30, pàápàá nínú eré ìdárayá tàbí nínú omi. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà, tàbí bí Ládi bá ti dákú rí nígbà tí ọkàn ń sáré, kò ní padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì lóru yẹn.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀jọ́ọ̀

Nọ́ọ̀sì, bó bá wá fò dé 187 níwájú ènìyàn ńkọ́? Kí ni a máa ṣe? Mo ní àwọn ọmọ nílé.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Mà, bó bá dákú, bí àyà bá ń dùn ún tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má ṣe ìdánwò kankan nílé.

Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, a máa ń ní kó jókòó kó fẹ̀yìn tì, kó fẹ́ atẹ́gùn sínú sírínjì mílílítà 10 kíkankíkan fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, bí ẹni fẹ́ ti ọ̀pá inú rẹ̀ jáde. Bó bá ti fẹ́ ẹ tán, a óò dá a sùn kíá, a óò gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 mìíràn. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbé jáde ní 2015, ẹsẹ̀ tí wọ́n gbé sókè yẹn ló jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún 43 nínú 100 ènìyàn, nígbà tó jẹ́ 17 nínú 100 fún àwọn tó fẹ́ ẹ lórí ìjókòó nìkan. Bí kò bá já, abẹ́rẹ́ ló kù, ilé ìwòsàn sì nìkan ni wọ́n ti lè fún un. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ tẹ ọrùn rẹ̀ nílé o, mo ti rí i tí wọ́n ń gbé e kiri lórí fóònù.

Akọ̀wé_Ojúlé

Mo tún apá kílíníkì kọ. Ẹ wò ó.

*Nọ́ọ̀sì náà ò wo aago. Ó tọ́ka sí àga. “Jókòó. Má sọ̀rọ̀.” Ó jókòó ti Ládi, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wo aago ara ògiri. Nígbà tó ṣe, ó kọ 118 sínú ìwé.*

*“Kí lo jẹ lónìí?”*

*“Gbànja.”*

*“Mo ní oúnjẹ.”*

*Ládi ronú. Búrẹ́dì, ní ọ̀sán. Ó sọ ti agolo méjì. Ó sọ ti oògùn katá nígbà tí nọ́ọ̀sì bi í lẹ́ẹ̀kejì. Nọ́ọ̀sì bu omi fún un, ó ní kó mu ún tán níwájú òun. Ó gba fóònù rẹ̀, ó fi ìka fa àwòrán náà sẹ́yìn: alẹ́ òní, òkè kan tó ń gun pẹ̀lẹ́. Ó mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n. Ó tún fà á sẹ́yìn, àná, ìjẹta, ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó dá ìka dúró.*

*“Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kí lò ń ṣe?”*

*Àmì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, lókè pátápátá, lórí ìlà kan náà. 187, 187, 186. Ìgbà tó ṣáájú rẹ̀, 80. Ìgbà tó tẹ̀lé e, 84.*

*“Mo jókòó nínú bọ́ọ̀sì,” ni Ládi wí. “Mò ń bọ̀ láti ilé. Ó kàn… ó kàn fò. Mo rò pé ebi ni.”*

*“Ó ti fò bẹ́ẹ̀ rí?”*

*Ládi ò dáhùn kíákíá. “Láti kékeré.”*

Físíìsì_Ni_Mò_Ń_Kọ́

Ìṣirò ẹ̀ péye. Àmì mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣeé ṣe lórí aago tó ń kà léraléra. Ṣùgbọ́n inú bọ́ọ̀sì ló wà, ọ̀nà wa sì rí bó ṣe rí. Ẹlòmíràn lè ní gbígbọ̀n bọ́ọ̀sì ni aago kà.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ìyẹn náà ṣeé ṣe. Ohun tó mú mi gbà á ni “ó kàn fò” àti “láti kékeré.” Ẹnu Ládi ló sọ ọ́, aago kàn rán an létí ni. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí nọ́ọ̀sì náà sọ orúkọ àìsàn lóru yẹn o. Kó kọ lẹ́tà fún un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kó sì ní kí ó dé ilé ìwòsàn tó ní ísíjì nígbàkígbà tó bá tún fò, kí wọ́n lè yà á nígbà tó ṣì ń sáré. Bí aago rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tó lè ya ísíjì nígbà tí ènìyàn bá fi ìka kàn án, kó yà á fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 kó tó wọ ọkọ̀. Aago náà lè kọ ọ́ pé kò dá a lójú, ìyẹn ò báyé jẹ́, dókítà lè ka ìlà náà fúnra rẹ̀.

Ṣẹ́gun_Kò_Gbà

Lẹ́tà? Lóru ìdánwò? Nọ́ọ̀sì kílíníkì ilé-ìwé tèmi, pánádóòlù ló máa fún un, á ní kó padà wá láàárọ̀. Fóònù ẹni tó wọlé ní aago méjì òru, ta ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò?

Nọ́ọ̀sì_Òru

Èmi máa ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣẹ́gun_Kò_Gbà

Ẹyọ ẹnì kan nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tèmi náà wà nínú ìtàn yẹn, bóyá ní ẹnu ọ̀nà, kó máa bínú pé wọ́n jí òun.

Akọ̀wé_Ojúlé

Wọn á wà níbẹ̀ méjèèjì. Ohun tí mi ò tíì mọ̀ ni bóyá kí Ládi wọ ìdánwò láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì, kí lẹ rò?

Nọ́ọ̀sì_Òru

Bí ìlù náà bá ti wálẹ̀ dé bíi 90, tó ti jẹun, tó ti sùn díẹ̀, tí kò dákú, màá jẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n dókítà tí mò ń bá ṣiṣẹ́ máa ní kó dúró kí wọ́n ya ísíjì rẹ̀ ná. A máa ń jà lórí ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀jọ́ọ̀

Kó wọ ìdánwò náà. Wọ́n ti san owó ilé-ìwé.